Ẹ bá mi wo ímeèlì Màndárínì yìí: fáànù mi ò tíì dé, mi ò sì fẹ́ kó dà bí ìjà

Àdùkẹ́_Dùgbẹ̀ (2 oṣù Kẹrin 2025)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará ilé. Mo ra fáànù tó ń gba ṣájì, ẹgbẹ̀fà (1,200), lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Fóṣàn. Mo san àsansílẹ̀ 2,340 dọ́là ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì. Wọ́n ní títí ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, àwọn á ti kó o dé ilé ẹrù ẹ́jẹ́ǹtì mi ní Gúáńjóù. Ẹ̀rọ kankan ò tíì dé ibẹ̀ títí di òní. Ooru ń mú, àwọn tó ti fún mi lówó sì ti ń pè mí ní òpùrọ́. Mo kọ́ Màndárínì díẹ̀, ọdún kan ààbọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ rèé. Mo ní: “Ẹ ǹlẹ́ o, Máníjà Wáńgì. Kí ló dé tí ẹ ò tíì fi ẹrù ránṣẹ́? A ti dúró pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbé e sórí ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mo fẹ́ gba owó mi padà.” Ṣé ó le jù ni, àbí ó rọ̀ jù?

```
你好王经理:
你们为什么还没发货?我们已经等了很久。
请尽快装船,否则我要退款。
```

BàbáKọ̀ǹténà

Ọmọ mi, ó rọ̀ jù. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń kó táyà àti àlòkù ẹ̀rọ wọlé, mo sì mọ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Yọ 请 yẹn kúrò, “ẹ jọ̀ọ́” kò sí níbẹ̀. Fi 立刻 sí i, ìyẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fi pupa kọ orúkọ ọ̀gá yẹn àti ọjọ́ tí o fẹ́. Lékè gbogbo rẹ̀, má san kọ́bọ̀ nínú owó tó kù títí wàá fi rí ẹrù.

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Àdùkẹ́, ẹ kú ìdúró. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bá àwọn oníṣòwò wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ káàkiri Fóṣàn àti Gúáńjóù, irú ímeèlì yìí ni mo sì ń rí jù. Ohun tó ń ba tiyín jẹ́ jù kì í ṣe gírámà. 你们 ni.

Mo mọ ibi tí ẹ ti mú un wá. Lẹ́nu tiwa, bí a bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, ńṣe là ń sọ ọ́ di púpọ̀, a ó ní “ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti jí?” Ọmọ Yorùbá tó bá ń kọ Màndárínì á rò pé 你们 náà máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò ṣe é. Púpọ̀ kì í ṣe ọ̀wọ̀ níbẹ̀. 你 ni “ìwọ”. 您 ni “ẹ̀yin” tí a fi ń pe àgbà kan. 你们 kàn jẹ́ èèyàn púpọ̀ lásán ni. Bí ẹ bá wá fi 你们为什么 bẹ̀rẹ̀, ohun tí Máníjà Wáńgì máa gbọ́ ni “kí ló dé tí ẹ̀yin èèyàn yìí”, bí ìgbà tí ẹ na ìka sí gbogbo ilé-iṣẹ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti di ìbéèrè ẹni tó ń bínú. Ẹni tí wọ́n bá bi ní irú ìbéèrè yẹn á wá ọ̀rọ̀ gbèjà ara rẹ̀ ni, kò ní wá ọjọ́ fún yín.

Ẹ pe ẹni náà ní 您, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní 贵司. Ibi tí ẹ̀bi bá wà, ilé-iṣẹ́ ni kó gbé e, kì í ṣe Wáńgì. Wáńgì ni ẹ fẹ́ kó bá yín lọ fi ọwọ́ lu tábìlì ọ̀gá rẹ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fi pupa kọ orúkọ. Orúkọ èèyàn tí a fi pupa kọ, àwọn àgbà wọn máa ń so ó mọ́ ikú tàbí kí a ti já okùn. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ lè má kà á sí, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi wéwu?

BàbáKọ̀ǹténà

Pupa ti mo sọ yẹn, mo kó o jẹ. Ṣùgbọ́n 装船 tó kọ, ó dára. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni, òun ni èmi náà máa ń lò.

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Ó dára fún yín, Bàbá, nítorí ilé-iṣẹ́ ló ń gbé ẹrù yín dórí ọkọ̀ ní èbúté. Ti Àdùkẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹrù ẹ́jẹ́ǹtì ni ilé-iṣẹ́ máa kó o dé, ẹ́jẹ́ǹtì ló máa wá ọkọ̀. Bó bá kọ 装船, Wáńgì lè dáhùn láìpurọ́ pé “ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe tiwa, ẹ bi ẹ́jẹ́ǹtì yín”, ọjọ́ mẹ́ta á ti lọ. 发货 náà ò tó, nítorí ó túmọ̀ sí pé ẹrù kúrò lọ́wọ́ wọn, kò sọ pé ó dé ibì kankan. 送至广州仓库 ni kó kọ, kí ó “dé ilé ẹrù ní Gúáńjóù”.

Àdùkẹ́, kí n tó kọ ohunkóhun, ẹ dá mi lóhùn: ṣé wọn ò tíì fi ìwé kankan ránṣẹ́ pé ẹrù ti ṣetán, kí ẹ wá san owó tó kù? Wọ́n ń pè é ní 尾款, owó ìrù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí oníbàárà tó ń pariwo pé ẹrù ti pẹ́, nígbà tí ẹrù ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan, ilé-iṣẹ́ ló ń retí owó.

Àdùkẹ́_Dùgbẹ̀

Rárá o. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lórí WeChat. Ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n ní 快了. Èkejì, 这两天. Lánàá, wọ́n kàn kọ 好的. Owó tó kù jẹ́ 5,460 dọ́là, ó wà nílẹ̀. Nọ́ńbà ọjà tó wà lórí ínfọ́ìsì wọn ni AF-0218.

Ṣadé_Bámíńgámù

Ẹ pẹ̀lẹ́, sísì. Irú ẹ̀ ṣe mí rí. Kọ́sítọ́ọ̀mù ló dá ẹrù tèmi dúró, àpò aṣọ méjìlá láti Yíwù, wọ́n ní ìwé kan ò pé. Ẹ lọ wo nọ́ńbà títọpa ẹrù yín, ẹ má ṣe jà pẹ̀lú ilé-iṣẹ́.

Àdùkẹ́_Dùgbẹ̀

Ẹ ṣé, Ṣadé. Tèmi ò tíì kúrò ní ilé-iṣẹ́ rárá, kò tíì ní nọ́ńbà.

Ṣadé_Bámíńgámù

Áà, mo kà á kọjá. Ẹ máa wò mí.

Ọ̀nà_Gúáńjóù

快了 ni “ó kù díẹ̀”. 这两天, bí a bá tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á di “ọjọ́ méjì yìí”, ṣùgbọ́n kò sí èjì nínú rẹ̀. Bí ìgbà tí télọ̀ bá ní “ẹ padà wá lọ́jọ́ méjì òní” ni. 好的 tàbí 收到 túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí i, kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbà. Ìyẹn ló jẹ́ kí 尽快 tí ẹ kọ má wúlò. “Ẹ tètè” lẹ sọ, wọ́n á ní “a ti ń tètè”, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú yín. Ọjọ́ ni kí ẹ fi dè wọ́n.

Àdùkẹ́_Dùgbẹ̀

Ó dára. Kí n ní kí wọ́n dáhùn títí di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4, àbí?

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Ẹ má lo ọjọ́ yẹn! Ọjọ́ 4 oṣù yìí ni Chīngmíng, 清明节, ọjọ́ tí wọ́n ń lọ tún ibojì àwọn òbí àti baba ńlá wọn ṣe. Ìsinmi yẹn máa gbà á títí di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 6. Ẹni tí ẹ bá ní kó dáhùn ọ̀rọ̀ fáànù nígbà tó wà níbi ibojì bàbá rẹ̀, ẹ ti ba ara yín jẹ́ lójú rẹ̀, á sì ní àwáwí tó dára. Ẹ fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 8, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti ọ̀dọ̀ wọn. Wákàtí méje ni wọ́n fi ṣáájú Nàìjíríà, nítorí náà aago mẹ́wàá àárọ̀ Ìbàdàn nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, 4月8日, kí ẹ má kọ 8/4, nítorí ó lè di ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ lójú ẹlòmíràn.

Tíṣà_Hànzì

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Màndárínì níbí ní Èkó. Lẹ́tà òwò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 尊敬的王经理, “Máníjà Wáńgì, ẹni ọ̀wọ̀”, kí ó ní àmì “:” lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tuntun, ẹ fi àyè lẹ́tà méjì sílẹ̀, ẹ kọ 您好. Ìparí rẹ̀ ni 此致, ìlà tuntun, 敬礼. Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn.

Ohun kan sì wà tó wúlò: 经理 kò ní akọ tàbí abo. Bí o kò bá mọ̀ bóyá ọkùnrin ni Wáńgì tàbí obìnrin, 王经理 gbà ọ́.

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Tíṣà, ìwé yín ò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í lo 尊敬的 fún ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ lórí WeChat. Ó dà bí ẹni tó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní “Ọ̀gbẹ́ni” lójijì, ó ti fi hàn pé nǹkan bàjẹ́. 此致敬礼 náà, ó ń rùn bí ìwé àtijọ́ sí mi, bí lẹ́tà sí ìjọba. 王经理, 您好 tó fún mi, kí n sì fi 顺祝商祺 parí.

Tíṣà_Hànzì

Ṣé kò yẹ kó fi hàn pé nǹkan bàjẹ́ ni? Ọjọ́ mẹ́tàlá ti kọjá! Òtútù díẹ̀ yẹn gan-an ló ń wá. Ẹ̀yin lẹ ní ó yẹ kó le.

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Mo ní kí ọjọ́ le, mi ò ní kí ìkíni le. Ẹ jẹ́ kí Àdùkẹ́ yan èyí tó bá a lára mu.

Òǹrajà_Kékeré

Ìbéèrè kékeré. Bí mo bá fẹ́ kó rọ̀, ṣé mo lè fi ojú ẹ̀rín 🙂 kún un lórí WeChat?

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Hàáà. Ẹ má dán an wò. Lójú àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀, ẹ̀rín pẹlẹbẹ yẹn jẹ́ ẹ̀rín ẹ̀gàn, bí ẹni tó ní “ó dára, máa wò mí”.

Ó dáa, Àdùkẹ́, ohun tí èmi máa fi ránṣẹ́ rèé. Mo lo 我方, “ìhà tiwa”, nítorí mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. 我司 jẹ́ “ilé-iṣẹ́ wa”, kò sì yẹ ẹni tó ń dá ṣòwò.

```
主题:订单AF-0218逾期未交货,请于4月8日前回复

王经理:
您好!
按贵司形式发票,1,200台充电风扇应于3月20日前送至
广州仓库。我方已于2月18日支付定金2,340美元。截至
今日(4月2日),货物仍未送达,已逾期13天。
我们理解生产中难免有困难,但客户多次催货,我方实在
无法再等。烦请您于4月8日(星期二)17:00前书面告知:
1. 逾期原因和目前的生产进度,并附近日照片;
2. 确切的送货日期;
3. 已完成的部分能否先送。
请贵司最迟于4月18日前全部送达。此日期不视为我方同意
延期。尾款已备好,验货合格后即付。
如届时仍未送达,我方将不得不考虑取消订单,并保留依法
追究违约责任的权利。
希望双方妥善解决此事,今后继续合作。盼复。
顺祝商祺!
```

Orí ọ̀rọ̀ ní òkè ti sọ gbogbo rẹ̀: nọ́ńbà ọjà, pé ẹrù kọjá ọjọ́, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbọ́. Wáńgì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ímeèlì. Bí orí rẹ̀ bá jẹ́ 你好 lásán, kò ní ṣí i.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kò bínú. Ó ka ọjọ́ àti owó nìkan, bí ẹni tó ń ka ìwé níwájú ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ fún un ní ojú rere, 我们理解, “ó yé wa”, kí ẹ tó sọ 但, “ṣùgbọ́n”. Ẹ má yí i padà. Bí 但 bá ṣáájú, ojú rere yẹn á dà bí ẹ̀tàn. 烦请您 jẹ́ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe wàhálà yìí”. Ó rọ̀ jù 请 lọ, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò sì rọ̀ rárá. Nǹkan mẹ́ta lẹ bi í: ìdí tó fi pẹ́ àti ibi tí iṣẹ́ dé, pẹ̀lú àwòrán; ọjọ́ gan-an tí ẹrù máa dé; àti bóyá wọ́n lè kọ́kọ́ kó èyí tó ti ṣetán wá. Lẹ́yìn náà, ẹ ní gbogbo ẹrù gbọ́dọ̀ dé, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, ẹ ó sì san owó tó kù bí ẹ bá yẹ ẹrù wò tó dára.

BàbáKọ̀ǹténà

Dúró ná. Kí ló dé tó fún wọn ní ọjọ́ 18? Ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ni wọ́n ṣèlérí. Ìgbà tó o bá fún èèyàn ní ọjọ́ tuntun, o ti dárí ti àtijọ́ jì í.

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Ìbẹ̀rù yín tọ́, Bàbá, ìdí nìyẹn tí gbólóhùn 此日期不视为我方同意延期 fi wà níbẹ̀: ọjọ́ yìí kò túmọ̀ sí pé a gbà kí a sún ọjọ́ síwájú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. 延期 ni àsúnsíwájú tí ẹni méjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. 逾期 ni pé ẹnì kan kọjá ọjọ́ tó ṣèlérí. Mo ti rí obìnrin kan láti Lúgbẹ̀ tó kọ 我们知道延期了 nítorí ó rò pé “ìdádúró” ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi owó ìtanràn, ilé-iṣẹ́ mú gbólóhùn yẹn jáde pé òun náà mọ̀, òun náà gbà.

Ìdí tí mo fi fún wọn ní ọjọ́ tuntun gan-an ni òfin wọn. Ìwé Òfin Aráàlú Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní 2021. Abala 563 rẹ̀ ní bí ẹnì kan bá pẹ́ lórí iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú àdéhùn, tí wọ́n ránnilétí fún un, tí kò sì tún ṣe é láàárín àkókò tó bójú mu, ẹnì kejì lè tú àdéhùn náà. 催告 ni wọ́n ń pe ìránnilétí yẹn. Ímeèlì yìí ni 催告 yín, ọjọ́ 18 ni àkókò tó bójú mu. Bí ẹ kò bá fún wọn ní àkókò, tí ẹ kàn ní ẹ ti fagi lé e, ẹ̀yin lẹ lè wá jọ ẹni tó da àdéhùn. Gbogbo èyí sì jẹ́ bí òfin Ṣáínà bá ni ó ń ṣàkóso àdéhùn yín. Ẹ wo inú ìwé yín.

保留权利, “mo fi ẹ̀tọ́ mi pamọ́”, idà inú àkọ̀ ni. Ẹ kò yọ ọ́, wọ́n sì rí èkù rẹ̀. 否则 tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀, idà tí ẹ ti yọ ni. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ kò sì bẹ́ nǹkan kan, ó tán.

Ṣadé_Bámíńgámù

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka èyí, ọkàn mi ti ń sáré. Nínú ìwé tèmi, ọ̀rọ̀ tó wà fún àsansílẹ̀ kò rí bí tiyín yìí. Ó jọ ọ́, pípè rẹ̀ sì bákan náà, dìńgjīn. Ti ilé-iṣẹ́ tí mo rà lọ́wọ́ wọn jẹ́ 订金. Ti Ọ̀nà kọ jẹ́ 定金. Ṣé ọ̀kan ṣáà ni?

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Ṣadé, ẹ ṣeun pé ẹ béèrè, nítorí kì í ṣe ọ̀kan. Etí ò lè yà wọ́n, ojú ló lè yà wọ́n. 定金 ni owó ìdè, òfin mọ̀ ọ́n. Abala 587 ní bí ẹni tó gbà á kò bá ṣe iṣẹ́, tàbí tó ṣe é débi pé ìdí àdéhùn náà bàjẹ́, ìlọ́po méjì ló máa dá padà. 订金 kàn jẹ́ owó tí a san ṣáájú. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ lè gba owó yín, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì kò sí, àyàfi bí àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdíwọ̀n sì tún wà. Abala 586 ní owó ìdè kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà lọ, èyí tó bá lé ni kì í jẹ́ owó ìdè mọ́. Àdùkẹ́ san ìdá 30. Ọjà rẹ̀ jẹ́ 7,800 dọ́là lápapọ̀. Nínú 2,340 tó san, 1,560 ni owó ìdè, 780 tó kù jẹ́ àsansílẹ̀ lásán. Bí ọ̀rọ̀ bá wá bàjẹ́ pátápátá, ohun tó lè béèrè ni 1,560 lẹ́ẹ̀mejì àti 780, ìyẹn 3,900. Pípẹ́ ọjọ́ mẹ́tàlá nìkan kò dé ibẹ̀ o, ìdí àdéhùn gbọ́dọ̀ bàjẹ́. Ẹ má kọ ìlọ́po méjì sínú ímeèlì àkọ́kọ́. Ẹ rọra wo lẹ́tà tó wà nínú ínfọ́ìsì yín, kí ẹ sì kọ irú kan náà gẹ́lẹ́.

Àdùkẹ́_Dùgbẹ̀

Mo wò ó. 定金 ni, àmì orùlé wà lórí rẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ báyìí. Mo yọ 尊敬的 kúrò, ẹ má bínú, Tíṣà. Ṣé kí n fi kún un lórí WeChat?

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Bẹ́ẹ̀ ni. Ímeèlì ni ẹ̀rí yín, WeChat ni agogo. Ẹ kọ èyí nìkan, pé ímeèlì ti lọ, kó bá yín wò ó, kí ẹ má tún gbogbo ọ̀rọ̀ sọ:

```
王经理您好,订单AF-0218的邮件已发,麻烦您查收。
```

Ẹ má fi ọ̀gá rẹ̀ kún un ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀gá tó bá rí i kí Wáńgì tó dáhùn ti já aṣọ Wáńgì ní gbangba. Bí ọjọ́ 8 bá kọjá láìdáhùn, nígbà náà ẹ lè fi kún un.

Àdùkẹ́_Dùgbẹ̀ (8 oṣù Kẹrin)

Wọ́n dáhùn! Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ yìí, ó kù ìdajì wákàtí kí àkókò pé. Àwòrán ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, fáànù wà lórí tábìlì, kò sí ọjọ́ lára rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń fún wọn ní mọ́tò ló pẹ́. Gbólóhùn náà rèé:

```
我们争取15号送货。
```

Ọjọ́ 15! Ṣé mo lè pe àwọn oníbàárà mi?

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Ẹ má tíì pè wọ́n. 争取 ni “à ń tiraka láti”. Kò sí ìlérí nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ 15 bá kọjá, wọ́n á ní “a ṣáà tiraka”. Wọn ò tún sọ iye tó ń bọ̀. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè nǹkan méjì, bóyá gbogbo rẹ̀ ló máa dé ní ọjọ́ 15 àbí apá kan, àti iye rẹ̀ bó bá jẹ́ apá kan, kí ìdáhùn rẹ̀ má lè yà sí ẹ̀gbẹ́:

```
谢谢您的回复。请确认:15号送达的是全部1,200台,
还是部分?如是部分,请告知数量。
```

Àdùkẹ́_Dùgbẹ̀ (9 oṣù Kẹrin)

Ẹgbẹ̀rin (800) ni wọ́n ní máa ṣetán ní ọjọ́ 15, irinwó (400) tó kù ní ọjọ́ 18. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ 5,460 dọ́là mi pátá kí ẹyọ kan tó jáde.

BàbáKọ̀ǹténà

Àrà! Má san. Ẹgbẹ̀rin jẹ́ 5,200 dọ́là, wọ́n ti ní 2,340 lọ́wọ́. San 2,860. Bí irinwó bá dé, san 2,600 tó kù. Ìṣirò ni, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Ìṣirò yín pé, Bàbá, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà á. Ẹ ti kó gbogbo owó ìdè sórí ẹrù àkọ́kọ́, lójú wọn kò sí ohun tó dè yín mọ́ nínú èkejì. Ẹ pín owó ìdè bí ẹ ti pín ẹrù. Ìdá 70 lórí ẹgbẹ̀rin jẹ́ 3,640, lórí irinwó ó jẹ́ 1,820. Ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ ń gbà.

BàbáKọ̀ǹténà

Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ìwọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àdùkẹ́ wà ní Ìbàdàn. Bí irinwó ò bá jáde, 780 rẹ̀ ti há síbẹ̀.

Ọ̀nà_Gúáńjóù

Ìyẹn náà tọ́.

Àdùkẹ́_Dùgbẹ̀ (17 oṣù Kẹrin)

Mo lo ti Ọ̀nà, mo sì fi gbólóhùn kan kún un pé ẹ́jẹ́ǹtì mi á lọ wo ẹrù ní ilé-iṣẹ́ kí owó tó wọlé. Wọ́n kọ 可以, pé ó ṣeé ṣe. Ẹ́jẹ́ǹtì lọ, ó tan mẹ́wàá, ọ̀kan ò yí dáadáa, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Mo san 3,640. Ẹgbẹ̀rin ti wà ní ilé ẹrù láti àárọ̀ yìí. Mo kọ ìbéèrè nípa ìtanràn ọjọ́ tó kọjá, wọn ò tíì dá ìyẹn lóhùn. Irinwó tó kù, ọ̀la ni 18.

Tíṣà_Hànzì

Bí wọn ò bá kó o wá lọ́la, bẹ̀rẹ̀ èkejì pẹ̀lú 尊敬的.